Ta Ló Ni Àlá Onífìlà?

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Tó bá jẹ́ òwúrọ̀ ni ìwé yìí bá yín, ẹ káàárọ̀. Tó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Tó bá sì jẹ́ ìgbà tí ẹ ń bínú pé mi ò kọ̀wé láti oṣù kejìlá ni, ẹ kú sùúrù, ẹ má ṣẹ́ mi léèpè. Orúnkún ńkọ́? Mo gbọ́ pé ẹ tún gun àga láti nu òkè kọ́bọ́ọ̀dù. Ta ló rán yín níṣẹ́?

Mo mọ̀ pé ẹ kì í gba ọ̀rọ̀ pàtàkì lórí fóònù. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí ẹ fi ṣe akọ̀wé ilé ẹjọ́ ti wọ̀ yín lẹ́jẹ̀: ohun tí kò bá sí nínú fáìlì, kò ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó ti bébà. Ọ̀rọ̀ ló wà ńlẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ ọmọ ni.

Èmi fúnra mi ò ní wàhálà. Ilé ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì náà ni mo ṣì wà, èmi àti obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ la jọ ń ká igba aṣọ bẹ́ẹ̀dì lójúmọ́. Àbíkẹ́yìn mi ń ṣe dáadáa nílùú tó wà; òun a máa pè débi pé mo máa ń dọ́gbọ́n sọ pé omi ń hó lórí iná. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń jẹ mí lọ́kàn, Ọ̀gá Lífítì yín. Ilé rẹ̀ kò ju òpópónà méjì lọ sí tèmi. Tí mo bá pè é, báyìí la ṣe ń sọ̀rọ̀:

“Ọkọ mi, o ti jẹun?”

“Mo ti jẹun, Mọ́mì.”

“Iṣẹ́ ńkọ́?”

“Ó ń lọ.”

“Kí ló ṣẹlẹ̀ lónìí?”

“Kò sí.”

Ẹni tó ń wọ ihò lífítì ilé alájà méjìdínlógún lójoojúmọ́, tó ń so rọ̀ bí adán, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀! Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mi ò mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn, mi ò mọ̀ bóyá ó bàjẹ́. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń kan ilẹ̀kùn ilé tí iná ń tàn nínú rẹ̀, tí wọn ò ṣí.

Mo wá gbọ́ pé ó wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń pàdé ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, aago mẹ́rin ọ̀sán Sátidé. Wọ́n á wo fíìmù, wọ́n á sì jiyàn lórí rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e lọ. Ẹ má pariwo, mo tẹ̀ lé e ni, ìyá rẹ̀ ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀! Ó ń ju ọwọ́, ó ń dá wọn lóhùn, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú gbogbo eyín. Mo jókòó ti ẹ̀yìn, mo ń gbọ́ ohùn tí mi ò gbọ́ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méjìlá.

Wọ́n gbà mí wọlé nítorí aṣọ. Aṣọ funfun tí wọ́n ń ju àwòrán sí lára ti rún débi pé gbogbo òṣèré tó bá kọjá níbẹ̀ ni imú rẹ̀ ń wọ́. Mo mú un lọ sílé, mo fọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́, mo dá a padà bí àwo tuntun. Alága ẹgbẹ́, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń gbé agogo kékeré kan dání, ní kí n máa bọ̀. Ṣùgbọ́n òfin wà. Ọmọ ẹgbẹ́ tuntun yóò wo fíìmù kan lẹ́ẹ̀mejì, yóò wá dìde níwájú gbogbo wọn, yóò sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láìwo ìwé: kí ló ṣẹlẹ̀, kí ló fà á. Bó bá kùnà, ó di ọdún tó ń bọ̀. Sátidé kẹrìnlélógún oṣù karùn-ún ni tèmi. Ta ló sì mú fíìmù wá? Ọmọ mi. Ó tún sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣojúsàájú!

Tí mo bá kùnà, ẹ̀gbọ́n mi, mo pàdánù Sátidé. Ó ku “Kò sí” fún mi títí ọdún yóò fi yí po. Nítorí náà ẹ bá mi yẹ ìtàn yìí wò, torí ó lọ́ bí ìfun.

Olè ni wọ́n ń jà nínú oorun. Èèyàn mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Mi ò lè pe orúkọ wọn, mo ti sọ wọ́n lórúkọ fúnra mi. Onífìlà ni ẹni tí ìtàn ń tẹ̀ lé. Ọ̀gá Báńkì ni ẹni tí wọ́n fẹ́ jà lólè: nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí séèfù wà nínú orí rẹ̀, kò kọ ọ́ síbì kankan. Dókítà Eyín jẹ́ obìnrin, ó ń lu eyín tó jẹrà. Aláago ni ẹni tí kì í sùn, tó ń fi aago ọwọ́ ṣọ́ àwọn tó sùn.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀ nínú báńkì. Onífìlà jókòó níwájú Ọ̀gá Báńkì, tó ń rún súìtì líle lẹ́nu kẹ̀ù kẹ̀ù. Onífìlà bẹ̀rẹ̀ sí í rántí. Nínú ìrántí yẹn la ti rí òun, Dókítà Eyín àti Aláago nídìí tábìlì, tí wọ́n ń pète. Onífìlà ní: Ọ̀gá Báńkì ń bọ̀ wá lu eyín. Dókítà yóò fún un lóògùn oorun. Onífìlà yóò sùn sórí àga kejì. Wọn yóò da lọ́fínńdà kan náà sára aṣọ ìnujú méjì, wọn yóò fi bo imú àwọn méjèèjì. Ẹni méjì tó bá ń mí òórùn kan náà nínú yàrá kan yóò pàdé nínú àlá kan.

Ẹ fetí sí òfin rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sùn ló ni àlá. Ẹnì kejì, àlejò ni. Ohun tí wọ́n bá ń ṣe sí ara onílé yóò wọ inú àlá, àlejò kì í sì í mọ ohunkóhun lára tirẹ̀. Ìwé kì í dúró nínú àlá: o kà á lẹ́ẹ̀kan, o mójú kúrò, o tún wò ó, ó ti di nǹkan mìíràn. Nítorí náà kò sẹ́ni tó lè ka nọ́ńbà jí níbẹ̀. Àfi kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣí séèfù fúnra rẹ̀, kí olè fi etí ka bó ṣe ń ró, kọ́, kọ́, kọ́, bó ti ń yí i.

Ọ̀gá Báńkì kọ̀ láti ṣí i. Ìró oyin kún báńkì, a ò rí oyin. Onífìlà bá dọ́gbọ́n, àwọn méjèèjì fi aṣọ ìnujú olóòórùn sùn sórí àga gígùn nínú ọ́fíìsì, wọ́n sì bọ́ sínú àlá kejì tó wà lábẹ́ àlá. Ẹ rántí lífítì ilé ẹjọ́ yín tí kò ṣiṣẹ́ rí: ẹ kà á sí pé ó ṣiṣẹ́, pé ó sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà ẹ̀ẹ̀mejì. Níbẹ̀, ilé kékeré kan. Ìyá kan ń wá awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Bá mi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn.” Ọmọdé kan, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan la rí, lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó ní ọwọ́ róbótó onínọ́ńbà bíi ti séèfù. Ta ló lè kọ̀ fún ìyá rẹ̀? Mẹ́rin sọ́tùn-ún, mẹ́sàn-án sósì, méjì sọ́tùn-ún, méje sósì. Lábẹ́ tábìlì níbẹ̀, ọwọ́ kan ń ka ìka.

Bí wọ́n bá ń jí, àlá kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa gùn lẹ́ẹ̀kan, bí àtẹ̀gùn. Ẹni tó bá fo ọ̀kan, ohun tó jẹ́ nínú àlá ni yóò máa rò pé òun jẹ́. Omi ya wọ báńkì nítorí Aláago ti da omi tútù sẹ́sẹ̀ ẹni tó sùn. Gbàgà, láti ilé ìyá yẹn, Onífìlà lajú ní yàrá Dókítà Eyín. Àga kejì ṣófo. Dókítà àti Aláago bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó sáré lọ sí báńkì, ó yí nọ́ńbà, séèfù ṣí. Kò sí nǹkankan nínú rẹ̀! Ó ṣí fìlà, ó ń wò. Ó parí.

Kí ló dé tó ṣófo? Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Ọmọ mi ní Ọ̀gá Báńkì ló tètè jí, tó sáré lọ kó ẹrù rẹ̀. Àwọn kan ní Onífìlà ṣì ń sùn. Orí mi ń yí. Ẹ bá mi dá sí i.

Àbúrò yín tó ń dààmú.

*

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Àbúrò mi,

Mo gba ìwé rẹ. Mo kọ ọjọ́ tó dé sí ẹ̀yìn rẹ̀. Orúnkún mi wà lójú ẹsẹ̀ mi, mo dúpẹ́. Kọ́bọ́ọ̀dù náà mọ́.

Mo kọ́kọ́ bínú. Oṣù mẹ́ta láìgbúròó rẹ, ìwé wá dé, eyín olè ló wà nínú rẹ̀. O ò béèrè ọmọ Káfíńtà àbúrò wa tó ṣe ìdánwò. O ò béèrè èmi náà bí mo ṣe ń sùn, olè lo béèrè oorun rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí ọmọ ti ń dáhùn “Kò sí,” mo bọ́ awò ojú, mo nù ún. Baba rẹ̀ náà nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọkùnrin ilé yín, kò gbọ́dọ̀ béèrè nípa ara rẹ̀. Iyàn ni kó gbé lé e lọ́wọ́.

Ká wá sọ̀rọ̀ ẹjọ́. Ìtàn tí o kọ kò lọ́ pọ̀. Ìwọ lo gbà á bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Mo ti rí agbẹjọ́rò àgbà tó ṣe irú àṣìṣe yẹn. Mo ní: ta ló sọ pé Ọ̀gá Báńkì ló ni àlá? Ka ìwé tìrẹ. Onífìlà ló sọ ọ́. Nínú ìrántí rẹ̀. Nígbà tó ti wà nínú àlá! Ta ni ẹlẹ́rìí kejì? Kò sí. Nílé ẹjọ́ wa, bí olùjẹ́jọ́ bá dìde tó ní “mo rántí pé èmi kọ́ ni mo ni ilẹ̀ yẹn,” adájọ́ a máa ní kó lọ wá ẹni tó mọ ààlà wá.

O ní ohun tí wọ́n bá ṣe sí ara onílé ló ń wọ inú àlá. O ní ìró oyin. Oyin kọ́, ẹ̀rọ tó ń lu eyín ni. Ó dáa. Ẹnu ta ni ẹ̀rọ wà? Ọ̀gá Báńkì tó ń rún súìtì líle kẹ̀ù kẹ̀ù ni eyín rẹ̀ ń jẹrà? Ìwọ náà rò ó. Nígbà tí eyín dùn mí lọ́jọ́sí, omi lásán ni mo ń gbé mì.

Nígbà tí wọ́n bá tún gbé e, wò ó bí ẹni tí ilé ẹjọ́ rán lọ wo ilẹ̀ ìjà. Má gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, ara wọn ni kí o wò. Ta ni nǹkan ń dùn? Ọwọ́ tó wà lábẹ́ tábìlì, ọwọ́ ta ni? Bí o bá rí ohunkóhun nínú ìrántí yẹn tó yàtọ̀ sí ojú ayé, kọ ọ́. Má fi orí ara rẹ kún un.

Mo ti ka ìwé rẹ fún Onígbàjámọ̀, ọkọ àbúrò wa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní: kí ló dé tí ọkùnrin náà kò ṣí fìlà lórí àga dókítà? Ó ní òun kì í gba irú rẹ̀.

Bá mi wá gègé onítádáwà dúdú tí kì í dà, bí o bá rí. Èyí tí mo ń lò yìí ń tutọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.

*

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹrin

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo kúnlẹ̀ bí obìnrin. Ẹ dárí jì mí nípa ọmọ Káfíńtà. Ṣé ó yege? Gègé wà nínú ìwé yìí, mo fi aṣọ dì í, ẹ rọra tú u.

Wọ́n ti tún gbé fíìmù náà. Mo jókòó sọ́wọ́ iwájú. Ọmọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ṣọ́ mi bí aṣọ́bodè. Mo ní, “Ọkọ mi, fìlà yẹn, ṣé kì í…” Ó ní, “Mọ́mì, mi ò lè ràn yín lọ́wọ́, òfin ni.” Mo ní, “Èmi tí mo bí ẹ?” Ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ bí mi gan-an.” Alága lu agogo fún wa, ó ní ariwo ò sí níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ara mi bù máṣọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Onífìlà fọwọ́ mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì nínú báńkì! Ìgbàkígbà tí oyin bá ti hó, ọwọ́ rẹ̀ á lọ síbẹ̀. Mo ti rò pé ó ń ronú ni. Gbogbo wa la rò bẹ́ẹ̀. Obìnrin apòògùn kan nínú ẹgbẹ́ tilẹ̀ ti sọ pé bí òṣèré gidi ṣe ń ronú nìyẹn. Ọ̀gá Báńkì ní tirẹ̀, tọ̀tún tòsì ló fi ń rún súìtì.

Ọwọ́ abẹ́ tábìlì: òrùka wà níbẹ̀. Mo wo ọwọ́ Onífìlà títí ojú fi ń ro mí. Kò wọ òrùka kankan. Ọ̀gá Báńkì wọ̀ ọ́.

Nígbà tí Onífìlà lajú, tó ní “Ó bọ́ sí i,” ohùn rẹ̀ dún bí ẹni tó fi òwú sẹ́nu. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ẹ̀rọ ohùn ni kò dáa, wọ́n sì gbá a létí. Ẹ̀rọ ò ṣe nǹkankan. Òwú ni!

Èyí tó kù yìí, èmi nìkan ló rí i, torí iṣẹ́ mi ni. Ọmọ mi ti máa ń sọ pé àwọn tó ń ṣe fíìmù máa ń pa àwọ̀ pọ̀ mọ́ àwòrán lẹ́yìn tí wọ́n bá yà á tán, kí òǹwòran lè mọ ibi tó wà láìjẹ́ pé ẹnìkan sọ fún un. Àlá báńkì ní àwọ̀ ewé díẹ̀, àlá ilé ìyá pọ́n bí òróró, ojú ayé mọ́ lásán. Gbogbo wọn mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìrántí nídìí tábìlì, wọ́n ní ojú ayé ni, torí Dókítà Eyín wọ ẹ̀wù funfun, funfun sì ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó ń fọ igba aṣọ funfun lójúmọ́ kì í ka funfun sí ọ̀kan. Funfun tó wà nídìí tábìlì kì í ṣe funfun tó wà ní yàrá dókítà. Ó dà bí ìgbà tí ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ ewé kan yọ́ bọ́ sáàárín aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Bí wọ́n bá mú un wá fún mi ní òtẹ́ẹ̀lì, màá dá a padà.

Nítorí náà ìrántí yẹn, inú àlá náà ló wà. Ṣé ohun tí mo rò ló jẹ́? Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ ọ́. Ọdún mẹ́fà ni ọmọ mi ti gba tirẹ̀ gbọ́ lórí fíìmù yìí. Bí mo bá dìde tí mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣé kò ní í gba “Ó ń lọ” àti “Kò sí” pàápàá lọ́wọ́ mi pátápátá? Bí mo bá sì sọ ohun tí mi ò gbà gbọ́, alága yóò béèrè ìdí rẹ̀, èmi yóò sì máa wo òrùlé. Ọjọ́ ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dáhùn.

Àbúrò yín.

*

Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún

Àbúrò mi,

Gègé dé. Òun ni mo fi ń kọ èyí. Ọmọ Káfíńtà yege, ó ti ń ga ju baba rẹ̀ lọ lẹ́nu.

Mi ò tètè dáhùn nítorí ẹjọ́ kì í ṣe ohun tí ẹnìkan ń dá nìkan. Mo pe ẹbí jọ sí pálọ̀ mi lọ́jọ́ Àìkú. Àwa mẹ́rin la jókòó: èmi, Káfíńtà àbúrò wa, Onígbàjámọ̀, àti Tíṣà, ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Mo ka ìwé rẹ méjèèjì sókè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé, bí mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀.

Káfíńtà ní kí wọ́n kọ ọ́ pé kò sí ẹni tó ń fi róbótó onínọ́ńbà sára kọ́bọ́ọ̀dù onígi, pé ìwúwo rẹ̀ yóò ya ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo ní àlá ni. Ó ní àlá náà yẹ kó mọ igi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo kọjá.

Tíṣà ní kí a ṣe é kó yé wa, bí òun ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó fi Onígbàjámọ̀ sórí àga gígùn, ó ní kó jẹ́ onílé àlá. Ó fi Káfíńtà sórí àga kejì, àlejò. Ó da lọ́fínńdà mi sára aṣọ ìnujú méjì, láìtọrọ. Mo gba ṣíbí, mo fi lu àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí wọn ní ipò ẹ̀rọ eyín. Káfíńtà ń rẹ́rìn-ín. Onígbàjámọ̀ sùn. Ó sùn tòótọ́, ó ń hanrun. A da omi sẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí òfin ṣe wí. Ó yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Títí ìpàdé fi tú ni kò jí, mo sì kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀ níbi ìbò pé: “Sùn.”

Ṣùgbọ́n kó tó sùn ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí o mú lọ. Ó ní, “Ẹni tó bá jókòó sórí àga mi, tó di ojú, a máa rò pé òun ló ń darí abẹ.”

Ìdájọ́ rèé. Onífìlà ni wọ́n lu eyín rẹ̀: ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló ń dùn, ẹnu rẹ̀ ni òwú wà. Òun ló kọ́kọ́ sùn, òun ló ni àlá. Ẹni tí à ń pè ní Ọ̀gá Báńkì, àlejò ni. Kò ní báńkì, òrùka ló ní. Òun ló wà lábẹ́ tábìlì tó ń ka ìka. Ọmọdé tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, Onífìlà fúnra rẹ̀ ni, ìyá rẹ̀ ló sì rán an. Nọ́ńbà tó yí, nọ́ńbà séèfù tirẹ̀ ni. Ìrántí nídìí tábìlì, inú àlá ni wọ́n ti gbé e wọ̀ ọ́ lọ́rùn bí ẹ̀wù. Ẹ̀rí ẹ̀wù funfun tí ìwọ jẹ́, ilé ẹjọ́ gbà á, ó sì yìn ọ́. Nígbà tí Aláago da omi sẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fo àlá báńkì, ó jí tààrà, ìdí nìyẹn tó fi jí tó ṣì ń rò pé olè lòun. Ó sáré lọ ja ara rẹ̀ lólè. Ẹni tó ni òrùka ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni séèfù ṣe ṣófo.

Mẹ́ta gbà, ẹnìkan sùn. Lọ sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí. Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ, mo ti sọ ìmọ̀ràn mi. Iyàn ni kí o gbé lé e lọ́wọ́. Bí ó bá bínú, ìbínú náà jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, tó jókòó gẹ́gẹ́ bí alága.

*

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ìjókòó, ẹ bá mi kí gbogbo ìgbìmọ̀, àti Onígbàjámọ̀ bó bá ti jí.

Ìwé yín wọlé ní àárọ̀ Sátidé gan-an. Mo kà á lórí ìdúró, aṣọ ìnura ń bẹ léjìká mi. Aago mẹ́rin, mo dìde. Alága lu agogo, ó yí aago ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ọmọ mi ká apá pọ̀. Mo rántí ìtàn náà dáadáa títí mo fi dé ibi oyin, mo wá gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, “Ẹbí mi nílé ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì ti dájọ́.”

Obìnrin apòògùn ní, “Ẹbí yín ti ṣe kí ni?”

Mo ní, “Wọ́n dìbò. Mẹ́ta gbà, ẹnìkan sùn.”

Ọmọ mi fi ọwọ́ bojú. Mo ní ó ti parí, mo ti dójú tì í. Ṣùgbọ́n mo ti gun ẹṣin, mi ò lè sọ̀ mọ́. Mo sọ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo sọ ti òrùka, mo sọ ti òwú, apòògùn gbá orí ara rẹ̀. Nígbà tí mo dé orí ẹ̀wù funfun, ọmọ mi ká ọwọ́ kúrò lójú. Ó dìde. Ó ní, “Rárá, Mọ́mì. Ìrántí yẹn, ojú ayé ni.”

Mo ní, “Kì í ṣe ojú ayé. Fífọ̀ ni mo ń fọ̀ ọ́, ìwọ lo ń wò ó.”

Ó ní, “Ọdún mẹ́fà!”

Mo ní, “Ọdún mẹ́fà lo fi ń wo aṣọ tí kò mọ́.”

Gbogbo yàrá pariwo. Ó ní kí wọ́n gbé e padà síbẹ̀, wọ́n gbé e. Wọ́n dá àwòrán dúró lórí ẹ̀wù ìdí tábìlì, wọ́n sáré lọ sí ti yàrá dókítà, wọ́n tún padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Èèyàn méjìlá ń wo ẹ̀wù obìnrin kan bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ rà á. Apòògùn ní ewé ni. Ẹlòmíràn ní aṣọ tí wọ́n ju àwòrán sí ló ní àwọ̀. Mo ní èmi ni mo fọ aṣọ yẹn, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́. Alága lu agogo, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó tún lù ú. Nígbà tí a dákẹ́, ó ní ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta ti kọjá, òfin sì ní mẹ́wàá. Ó ní ìtàn mi ló dáa jù nínú gbogbo èyí tí òun ti gbọ́ lórí àga yẹn, ojú rẹ̀ tilẹ̀ fẹ́ tutù, ṣùgbọ́n òun wa bọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, òun ò sì dé ibùdó lẹ́yìn àsìkò rí.

Mo kùnà, ẹ̀gbọ́n mi.

Mo kó báàgì mi, mo jáde, ọkàn mi wúwo bí aṣọ tí a ò fún. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. “Ẹ dúró ná, Mọ́mì. Tó bá jẹ́ Onífìlà ló ni séèfù, kí ló dé tí ẹ̀ṣọ́ báńkì kò kí i?” Mo ní torí fìlà ni. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí. A jà títí dé ìkóríta, a jà kọjá ilé rẹ̀, kò mọ̀. Ó wọlé mi, ó jẹun láìwo àwo, ó ń fi ṣíbí àti ife yàwòrán báńkì sórí tábìlì. Nígbà tó yá ó ní, “Ó dà bí lífítì tí mo tún ṣe ní Túsìdeè,” ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi: àwọn okùn rẹ̀ já, ó ku mẹ́ta péré, òun nìkan ló wà nínú ihò, ẹ̀rù ba òun, òun ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò ní “Yéè.” Mo kàn ní, “Kí lo wá ṣe?” Ó sọ gbogbo rẹ̀.

Ó padà wá ní Mọ́ńdè. Ó padà wá lánàá. Ó ní ìdájọ́ yín kò fìdí múlẹ̀, pé ẹ̀yin alága kò gbọ́ tẹnu òun kí ẹ tó dìbò, pé ìbò ẹni tó sùn kò lófin. Ìwé kòtẹ́milọ́rùn rẹ̀ ló wà nínú àpò ìwé yìí, ojú ewé méje, tọwọ́ tẹ̀yìn. Ó ní kí ẹ dá òun lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tètè dá a láre.

Alága ẹgbẹ́ ní kí n tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rò pé màá ráyè.

Àbúrò yín.